Bí ẹ ṣe lè kí àgbà láàrin ariwo kí ó sì gbọ́ yín yékéyéké

Ẹ ti lọ síbi ìnáwó rí, tí ẹ kúnlẹ̀ níwájú ìyá tó ni òde, tí ẹ ké "Ẹ kú ìnáwó o, Mà!" títí ọ̀fun fi ń ta yín. Ìyá náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ sì ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n ń sọ fún yín pé inú ń bí ìyá: "Ó wá, ó jẹ, ó mu, kò kí mi." Bẹ́ẹ̀ ẹ kí i. Sípíkà ló gbé ìkíni yín mì. Àmọ́ ní Òṣogbo níbí, ta lẹ fẹ́ rò ó fún?

Àgbà tó jókòó lábẹ́ kánópì, tí eléré ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ló le jù. Tí ẹ bá ti mọ ọ̀nà rẹ̀, ti ọjà kò ní nira fún yín. Màá sọ ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà nínú ti ọjà lápá ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó kúrò nílé

Ohun mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tí a ń fowó rà nínú wọn.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Aṣọ ẹbí kì í sọ bóyá òkú ni tàbí ìgbéyàwó. Ẹ bi ẹni tó pè yín.

Ẹ mọ orúkọ tí ilé fi ń pe àgbà náà, irú bí Ìyá Ìbejì, Mọ́mì Ìlá, Bàbá Àlájì. Láàrin ariwo, etí ènìyàn tètè ń mú orúkọ tó ti mọ̀ mọ́ra. "Mà" lásán, gbogbo obìnrin tó wà lábẹ́ kánópì ló ni ín.

Ẹ mọ etí tó ṣì ń gbọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni etí wọn kan lágbára ju èkejì lọ, àwọn ọmọ wọn sì mọ̀. Ẹ fọgbọ́n béèrè.

Ìpele 1: Ẹ yan ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì mọ ohùn rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kí wọ́n tó dé òde rárá. Ẹ wo ìkíni wa dáadáa: "Ẹ kú" ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ, ẹ kú oríire, ẹ kú àṣeyìndè, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí ẹ ń kí ti mọ̀ pé "Ẹ kú" ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń kí níbi ariwo? "Ẹ kúúúúú!" A ó fa ìyẹn títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó kù bí ẹni ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Gbogbo agbára bọ́ sórí ohun tí kò nílò agbára.

Ẹ yí i padà. Kí "Ẹ kú" yá, kí ó kúrú. Ẹ sinmi díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá la ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀: Ẹ kú, ìnáwó. Nílé, tí a bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, a máa ń so méjèèjì pọ̀ tí fáwẹ̀lì méjèèjì á yọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Níbi ariwo, ẹ má so wọ́n.

Ohùn ọ̀rọ̀ wá ńkọ́? Ẹ ronú sí gángan. Kò ní ahọ́n, kò ní ètè, kò lè pe "k" tàbí "ṣ", síbẹ̀ àyàn á ki yín, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Tí ariwo bá pọ̀, àwọn ìró wẹ́wẹ́ bíi "s", "f" àti "ṣ" ló kọ́kọ́ máa ń sọnù. Ohùn ló máa ń ṣẹ́kù fún olùgbọ́ láti fi mọ ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá wá ń pariwo, ọ̀fun yín á ti gbogbo ohùn lọ sókè, èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ kò ní sí nísàlẹ̀ mọ́. Ẹ ti fọwọ́ ara yín ba ohun tó ṣẹ́kù jẹ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún kan, níbi ìkómọ, mo gba ẹ̀yìn ilé kọjá níbi tí àwọn alásè ti ń rojú èéfín, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní kí n ṣe ọmọlúàbí, mo bá fa ọ̀fun: "Ẹ kúúúú iṣẹ́ o!" Ìyá kan fi ọmọrogùn sílẹ̀, ó ní, "Ìṣẹ́ kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Orí rẹ ni wàá fi ṣe é!" Ojú tì mí débi pé n kò padà lọ gba ẹran. Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́" ni re mí re mí. "Ẹ kú ìṣẹ́", tí ìyẹn jẹ́ òṣì, ni re mí dò mí. Ohùn kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Mo ti gbé "kú" lọ sókè jù, nígbà tí mo wá bọ́ sórí "i", ó já wálẹ̀ gan-an, etí ìyá sì gbà á bíi dò.

*Kí ẹ fi mọ̀ pé ìpele yìí yege:* Nílé, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn ín, ohùn nìkan, láìsí ọ̀rọ̀. Ẹ kú ìnáwó: re mí dò mí mí. Ẹ kú àṣeyìndè: re mí dò re dò dò. Ẹ sọ méjèèjì fún ẹnì kan tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá kùn ọ̀kan, kí ó sọ èyí tó jẹ́. Tó bá mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ohùn yín dúró dáadáa.

Ìpele 2: Ẹ wá àkókò àti ibi tí ẹ máa dúró sí

Ẹ má wọlé kí ẹ sì máa sáré lọ kí. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wo ibi tí sípíkà kọjú sí àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ohùn sípíkà máa ń le jù níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Tí àgbà náà bá wà níwájú sípíkà gan-an, ẹ kò lè gbé e kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró kí ara tiyín wà láàrin sípíkà àti etí tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn kì í pa ariwo náà, ó kàn ń dín in kù díẹ̀ ni.

Ti àkókò ṣe pàtàkì jù. Jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi, eléré ń sinmi. Orin máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ bọ́ sórí òmíràn, bí olórin bá ń ki ẹni tó ń náwó fún un tí ìlù sì fà sẹ́yìn, tàbí bí alága bá gba ẹ̀rọ láti pe àlejò pàtàkì. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré tó fún ìkíni kan. Kí ẹ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà náà kí ó tó rọlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tó rọlẹ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ara gba àárín àga, á ti bẹ̀rẹ̀ padà kí ẹ tó débẹ̀.

*Kí ẹ fi mọ̀:* Níbi tí ẹ dúró sí, ẹ sọ orúkọ ara yín jẹ́ẹ́jẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ ara yín, ibẹ̀ dára. Tí ẹ kò bá gbọ́ ara yín, ẹ sún.

Ìpele 3: Ẹ jẹ́ kí ó rí yín kí ó tó gbọ́ yín

Ẹ gba iwájú wá. Ẹni tí a kí láti ẹ̀yìn kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí, ìkúnlẹ̀ tí ẹ sì kún sẹ́yìn àga, ilẹ̀ lẹ kún un fún.

Ẹ má fọwọ́ kan àgbà léjìká láti pe àfiyèsí rẹ̀. Èyí ni àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ báyìí, wọ́n ń fọwọ́ gbá àgbà bí ẹni ń jí ẹlẹgbẹ́ wọn nínú mọ́tò. Ẹni tó jókòó tì í ni kí ẹ bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Mọ́mì." Ẹni náà á fọwọ́ kàn án, á tọ́ka sí yín, ojú á ṣe mẹ́rin.

*Kí ẹ fi mọ̀:* Ojú rẹ̀ dúró sí ojú yín fún bí ìgbà tí a fi ń ka ení, èjì. Tó bá wo yín tó sì tún gbójú kúrò, kò ì tíì rí yín.

Ìpele 4: Ara ló kọ́kọ́ kí, ẹnu tẹ̀ lé e

Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀, ibo ni ẹnu rẹ̀ wà? Ilẹ̀. Obìnrin tó kúnlẹ̀ tó sì tẹríba, ibo ni ohùn rẹ̀ ń lọ? Itan ara rẹ̀. Nílé tó dákẹ́, kò burú, ohùn á ta padà lára ògiri. Lábẹ́ kánópì tí kò ní ògiri, ó ti lọ nìyẹn. Torí náà ẹ pín in sí méjì. Ẹ ṣe ti ara tán láìsọ̀rọ̀: obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, tàbí kí ó fọwọ́ kan ilẹ̀ bí àga bá há. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé orí sókè, kí ẹ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga, ọkùnrin á lóṣòó, obìnrin á wà lórí eékún rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹnu yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba báyìí. Ẹni tó dúró gàgà ni ohùn rẹ̀ ń gba orí àgbà kọjá, yàtọ̀ sí pé kò bójú mu.

Ẹ wo gèlè. Gèlè aṣọ òkè tí wọ́n wé dáadáa máa ń bo etí, ó sì nípọn. Ọgbọ́n tí mo ń lò ni pé mo máa ń wá yẹtí. Apá ibi tí ẹ bá ti rí yẹtí ketekete, etí ibẹ̀ wà ní gbangba. Apá ibi tí gèlè ti gbé yẹtí mì, ẹ má débẹ̀. Bàbá tó gẹ fìlà sí apá kan, apá kejì ni kí ẹ lọ. Bàbá tó sì dé abetí ajá, tó fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀, ẹ ní sùúrù fún un kí ó gbé ọ̀kan sókè, á kúkú gbé e tó bá rí i pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa sún mọ́ ọn tó? Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì sí etí, kí ẹnu yín sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kì í ṣe kó wọ inú ihò etí tààrà, torí itọ́ àti torí pé ó ń dùn ún. Ìsúnmọ́ yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ariwo ọ̀fun ṣe. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gé ọ̀nà tó wà láàrin yín sí ìdajì, ohùn yín á fi bíi désíbẹ̀lì 6 lágbára sí i ní etí rẹ̀, nígbà tí ariwo sípíkà kò yí padà. Láti mítà 1 wá sí sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ ti rí désíbẹ̀lì 12 láìgbé ohùn sókè rárá. Ẹ kò pariwo, ohùn ọ̀rọ̀ yín kò bàjẹ́.

Ìkìlọ̀ kan: tó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá tí ẹ̀sìn tàbí ipò rẹ̀ kò gbà kí ẹ sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ẹ dúró níwájú rẹ̀ kí ó máa wo ẹnu yín. Ojú máa ń ran etí lọ́wọ́. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí áńkáṣíìfù bo ẹnu.

Ìpele 5: Ẹ sọ ọ́

Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyí: orúkọ rẹ̀, ẹ dúró, ìkíni, ẹ dúró, ẹni tí ẹ jẹ́. "Mọ́mì. Ẹ kú, àṣeyìndè. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ni." Ó tó. Àdúrà gígùn, ìtàn bí ọ̀nà ṣe dí ní Ọlọ́nkòró, ẹ tọ́jú ìyẹn dọjọ́ mìíràn.

Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi ń bá ẹni tó wà nínú yàrá kejì sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń pe ọlọ́kadà. Ẹ falẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn.

Tó bá ní "Hẹ̀n?", ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà. Tí kò bá tún gbọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, torí ariwo tó bo ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tí orin rẹ̀ yàtọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì bá òde náà mu. "Ẹ kú àṣeyẹ" kò wọlé? "Ẹ kú ìnáwó." Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi òkú. "Ẹ kú ìnáwó" gbà, "Ẹ kú àṣeyìndè" gbà. "Ẹ kú oríire" kò gbà láéláé, bí olóògbé tilẹ̀ ti pé 100 ọdún.

Ìpele 6: Ìdáhùn ni ẹ̀rí

Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í dúró dè. Wọ́n á kí tán, wọ́n á dìde. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

Ẹ̀rín àti mími orí kì í ṣe ìdáhùn, ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí a kò gbọ́ ni. "Ẹ ṣeun o" kò dájú, torí ó bá gbogbo ìkíni mu. Èyí tó dájú ni ìdáhùn tó bá ọ̀rọ̀ yín mu, tàbí tó dárúkọ ẹni yín. Bí àpẹẹrẹ, lábẹ́ kánópì kan ní Òkè-Baálẹ̀, mo lọ kí ìyá ọkọ àbúrò mi níbi ìsìnkú bàbá wọn. Àna ni, ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ìkíni àna ṣeré. Sípíkà méjì ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, gèlè rẹ̀ sì bo etí òsì. Etí ọ̀tún ló wà ní gbangba, etí tí sípíkà sì ń ké sí náà nìyẹn. Mo dúró sí ọ̀tún, mo fi ẹ̀yìn gba ariwo, obìnrin tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án fún mi. Ó rí mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo lóṣòó. Olórin ṣì ń pariwo, mo dákẹ́. Nígbà tí ìlù fà sẹ́yìn kí ó lè ki ẹnì kan tó ń lẹ owó, mo sọ ọ̀rọ̀ mi. Ó ní "Hẹ̀n?" Mo tún un sọ. Ó ní "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," mo sì mọ̀ pé kò tíì wọlé. Mo ní, "Mọ́mì. Ẹ kú, ara fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín." Ojú rẹ̀ là. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi! Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ìgbà yẹn ni mo tó dìde.

*Kí ẹ fi mọ̀:* Ó pè yín ní ohun tí ẹ jẹ́ sí i, tàbí ó ṣàdúrà tó bá ọ̀ràn náà mu. Láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ padà sí ìpele 5.

Ti ọjà

Ní Ìgbóna tàbí Ọjà Ọba, ẹni tí ẹ ń kí kò jókòó dè yín, ó ń tajà. Ẹ jẹ́ kí ó gba owó kí ó sì fún oníbàárà ní ṣéńjì tán, torí ẹni tó ń ka owó kò ní etí. Ariwo ibẹ̀ sì pé oríṣi méjì. Ẹ̀rọ ìlọta kì í sinmi títí wọ́n á fi lọ ata tán, torí náà ẹ rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí kí ẹ sún mọ́ ẹni tí ẹ ń kí. Ọlọ́kadà tó ń fun fèrè àti oníṣègùn tó ń fi ẹ̀rọ polówó àgbo ń gba èémí láàrin. Ẹ dúró de àlàfo wọn.

Níbí, ìkíni iṣẹ́ dára ju "Ẹ kú" lọ, torí ó kúrú, orin rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Ẹ kí ìyá ọlọ́jà pé "Ajé á wọgbá o!", tí ó bá ti gbọ́, "Àṣẹ" tàbí "Àmín" lẹ ó gbọ́, torí kò sí ọlọ́jà tó gbọ́ ìyẹn tó máa pa ẹnu mọ́. Onídìrí ni ẹ ń kí ní "Ojú gbooro o!", òun á ní "Òòyà á yà o." Bí ẹ bá sì kọjá níbi tí wọ́n ti ń rẹ aró, Òṣogbo ìlú aró kúkú ni wá, "Àrẹdú o!" ni.

Tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà

Nígbà mìíràn eléré kò ní sinmi, àgbà á sì ti rẹ̀. Ẹ fojú kàn án, ẹ ṣe ti ara, ẹ sọ orúkọ yín fún ọmọ rẹ̀ kan kí ó bá yín sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ sílé rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí òòrùn tó mú. Jẹnẹrétọ̀ ti kú, wọ́n ń ká kánópì, òun náà ti tú gèlè. Ẹ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ìnáwó àná o, Mà."